Alhájì àti Olóyè nínú Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì

Bí akọ̀wé kan ní Ararọ̀mí-Obu bá ń kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ẹni ńlá, kí ó fi Alhájì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mísítà kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí kò sọ pé ẹni náà ti ṣe iṣẹ́ Haji ní Mẹ́kà.

Olóyè ní tirẹ̀ a máa di Ṣíìfù, ṣùgbọ́n orúkọ oyè gan-an kì í yí padà. Olóyè kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ọ̀pọ̀ tó bá ka Ṣíìfù lásán yóò rò pé ọkùnrin ni. Nítorí náà ni a fi ń kọ ọ́ pé: Ṣíìfù Mísíìsì H.I.D. Awólọ́wọ̀, Yèyé Oòduà.