Fóònù lè dípò rìmóòtù ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n orúkọ Wáífáì ló ṣe pàtàkì jù

Fún ẹni tó ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà Àkókó, ọ̀rọ̀ rìmóòtù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àlejò tó sanwó yàrá tí kò rí tẹlifíṣàn wò, owó ẹ̀ ló máa ní kí wọ́n dá padà. Rìmóòtù yìí náà ló sì máa ń tètè bàjẹ́: wọ́n á jókòó lé e, ọtí á dà sí i, ẹlòmíì á sì kó o mọ́ ẹrù lọ. Èyí tó tún wá le níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn tuntun ò ní ju bọ́tìnnì kan ṣoṣo lára, abẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi í pamọ́ sí.

Ọ̀nà méjì ni fóònù fi lè ṣiṣẹ́ rìmóòtù, àwọn èèyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Àwọn fóònù kan ní ojú dúdú kékeré lókè orí, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò rí, bíi ti rìmóòtù gan-an. Irú èyí kò nílò Wáífáì rárá, ó sì lè bá tẹlifíṣàn àtijọ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ń rán lọ, tẹlifíṣàn kì í sì í dá a lóhùn, nítorí náà, kò lè mú ọ̀rọ̀ títẹ̀ yá.

Ọ̀nà kejì ni ti áàpù tó ń gba orí Wáífáì. Níbí, tẹlifíṣàn àti fóònù jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Bí àpótí ìkọ̀wé bá ti ṣí lójú tẹlifíṣàn, fóònù á mọ̀, á sì gbé pátákó lẹ́tà tiẹ̀ jáde. Ẹ wo ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ká ní ẹnì kan fẹ́ fi rìmóòtù kọ "oka", tí àmì sì wà lórí lẹ́tà q. Yóò tẹ apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹjọ kó tó dé o, yóò wá tẹ OK. Ó di mẹ́sàn-án. Láti ibẹ̀ sí k jẹ́ mẹ́ta, láti k sí a jẹ́ mẹ́jọ. Ogún ìgbà ló tẹ bọ́tìnnì nítorí lẹ́tà mẹ́ta! Mẹ́ta péré ni lórí fóònù. Ti ọ̀rọ̀ aṣínà tó ní lẹ́tà ńlá àti nọ́ńbà kò ṣeé fẹnu sọ. Àmọ́ o, àwọn áàpù kan wà lórí tẹlifíṣàn tó ní pátákó tiwọn, fóònù kì í sì í lè kọ̀wé sínú wọn.

Fún tẹlifíṣàn tó bá ń lo Google TV, ẹ fi fóònù sórí Wáífáì kan náà tí tẹlifíṣàn wà, kí ẹ ṣí áàpù Google TV, kí ẹ tẹ àmì rìmóòtù, kí ẹ sì mú orúkọ tẹlifíṣàn náà. Kóòdù kan á hàn lójú tẹlifíṣàn. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, ó parí. Kò jẹ dátà kan tó ṣe é rí, torí pé inú ilé ni ọ̀rọ̀ náà ń yí. SmartThings ni ti Samsung, ṣùgbọ́n òun lè ní kí ẹ tẹ "Allow" lójú tẹlifíṣàn, rìmóòtù gidi ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí ti Samsung kò fi gbọ́dọ̀ di ọjọ́ tí rìmóòtù bá sọnù.

Ibi tó ti ń dojú rú ni Wáífáì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù tó ń pín dátà ni ẹ tún fẹ́ fi ṣe rìmóòtù, ó lè má rí tẹlifíṣàn rárá. Ẹ jẹ́ kí fóònù mìíràn tàbí máífáì máa pín in. Wáífáì àlejò pàápàá lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣètò kí ẹ̀rọ kan má lè rí èkejì.

Ká wá ní rìmóòtù yàrá kan ní Ọ̀kà sọnù, máífáì ibẹ̀ náà bàjẹ́, wọ́n sì ra tuntun ní Ìkàrẹ́. Orúkọ ti àtijọ́ ni tẹlifíṣàn ṣì ń wá, kò sì sí rìmóòtù tí wọ́n á fi yí i. Ohun tí wọ́n máa ṣe ni pé kí wọ́n fún máífáì tuntun ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ti àtijọ́, láìyí lẹ́tà ńlá tàbí àlàfo kankan padà. Tẹlifíṣàn á wọlé fúnra rẹ̀, fóònù á sì rí i. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà náà sí níye lórí ju rìmóòtù tí wọ́n fi pamọ́ lọ. Bí tẹlifíṣàn kò bá wọlé síbẹ̀, ẹ yẹ máífáì wò bóyá ó ń lo 5 GHz nìkan, 2.4 GHz nìkan ni àwọn tẹlifíṣàn kan mọ̀.

Bí iná bá lọ tó sì dé, tẹlifíṣàn lè wà lójú oorun, kí Wáífáì rẹ̀ má tíì tàn. Fóònù á ní òun kò rí i. Ẹ na ọwọ́ sábẹ́ tẹlifíṣàn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó tún ṣí áàpù náà.