Ohun Tí Fáìlì Ìjàǹbá Ń Sọ: Ìlàlóye fún Ilé Búrẹ́dì àti Ilé Iṣẹ́ Kéékèèké

Ìwé yìí wà fún ẹni tí wọ́n gbé fáìlì ìjàǹbá lé lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ akọ̀wé, ọ̀gá ṣíìfù, nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ tàbí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ gan-an. Ní Nàìjíríà, Òfin Àwọn Ilé Iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ pé bí ìjàǹbá bá pa òṣìṣẹ́, tàbí tó bá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ju ọjọ́ 3 lọ, kí ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá abẹ́wò ilé iṣẹ́ ti ìjọba láìjáfara. Òfin Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi ọ̀rọ̀ náà tó àjọ NSITF létí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fi ìwé ránṣẹ́ tán, ẹ̀dà rẹ̀ á wọ fáìlì, ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣí i mọ́ títí ìjàǹbá mìíràn yóò fi ṣẹlẹ̀.

Bí a ṣe ń ka àwọn ìwé inú fáìlì yẹn pọ̀ la fẹ́ sọ níbí. Nǹkan mẹ́rin la ó máa yọ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe ẹni náà lára, ohun tó fà á, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe. A ó kọ wọ́n sínú àtẹ kan, ìjàǹbá kan lórí ìlà kan. Ilé búrẹ́dì la mú ṣe àpẹẹrẹ. Àwa la ro àpẹẹrẹ náà jọ, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan, àmọ́ ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ òru nídìí ẹ̀rọ búrẹ́dì yóò dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀.

Ìwé kan péré

Ẹ wo ìwé ìjàǹbá yìí:

«Ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago 3, òṣìṣẹ́ kan ń fọ ẹ̀rọ nílé iṣẹ́. Iná ti lọ. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ mú un lọ́wọ́. Ó farapa, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Okùnfà: àìkíyèsára. Àtúnṣe: a ti kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ náà.»

Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wá. «Nílé iṣẹ́» kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni yàrá wo, ẹ̀rọ wo, àti apá ibo lára ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ìbéèrè, a rí i pé ẹ̀rọ mílíǹgì ni, èyí tí wọ́n fi ń yí ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi dán, pé mílíǹgì tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni, àti pé àárín rólà méjì ló ti mú un lọ́wọ́. Ohun kan wà tó máa ń ba àtẹ jẹ́ níbí. Ẹnì kan á kọ «mílíǹgì», èkejì á kọ «rólà», ẹ̀kẹta á kọ «ẹ̀rọ ẹ̀yìn». Ẹ̀rọ kan náà ni, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá kà á, yóò dà bí ẹ̀rọ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìjàǹbá ẹyọ kan. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà yẹn sì jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ìwé. Tiwa yìí ni Mílíǹgì 2.

Ohun tó ṣe é lára kò ṣòro láti mọ̀. «Ó farapa» ni ìwé wí, a sì ní láti fi ẹ̀yà ara àti irú ọgbẹ́ kún un: ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, egungun fọ́, ọjọ́ 24 láìwá síbi iṣẹ́. Ẹ kọ iye ọjọ́ yẹn, torí òun ló ń fi bí ìjàǹbá ṣe wúwo tó hàn. Ẹ má kọ orúkọ ẹni náà sínú àtẹ. Nọ́ńbà ìwé ìjàǹbá rẹ̀ ti tó, nítorí ọ̀pọ̀ ojú ni yóò wo àtẹ yìí, ọ̀rọ̀ ara òṣìṣẹ́ kì í sì í ṣe ohun tí à ń gbé kiri.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí: ohun tó fà á

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. «Àìkíyèsára» kì í ṣe okùnfà. Ìdájọ́ ni, ẹni tó kọ ìwé ló sì dá a, lọ́pọ̀ ìgbà ní wákàtí kan péré lẹ́yìn tí nǹkan ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ò tíì balẹ̀. Tí ẹ bá da ọ̀rọ̀ yẹn kọ sínú àtẹ bó ṣe wà, ẹ ó ní àtẹ tó kún fún àìkíyèsára láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe.

Ẹ fi ibi tí wọ́n kọ «okùnfà» sílẹ̀ ná, kí ẹ padà sínú ìtàn. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi í. Kí ni ẹni náà ń ṣe nígbà yẹn? Ó ń fọ ẹ̀rọ. Kí ló yí padà, tí nǹkan fi bàjẹ́? Iná dé láti ara jẹnẹrétọ̀, rólà tó dúró sì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Kí ni kò sí níbẹ̀ tí ì bá dá a dúró? Swíìṣì ẹ̀rọ náà ṣì wà ní títàn láti ìgbà tí iná ti lọ, kò sì sí ohunkóhun lára ẹ̀rọ tó lè sọ fún un pé kó má ṣiṣẹ́ títí ẹnì kan yóò fi tẹ bọ́tìnì. Ẹni tó lọ tan jẹnẹrétọ̀ níta kò rí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ nínú ilé.

Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Ọkùnrin yìí kò ṣe ohun tí ẹlòmíràn ò ní ṣe: iná lọ, iṣẹ́ dúró, ó ní kí òun lo àsìkò yẹn fi fọ ẹ̀rọ. Bí ìwé bá dákẹ́ lórí nǹkan kan, tí kò sì sẹ́ni tó lè dáhùn mọ́, ẹ kọ «kò sí nínú ìwé». Ẹ má fi àbá di àlàfo. Àlàfo tó bá pọ̀ lábẹ́ òpó kan ń sọ fún yín pé fọ́ọ̀mù yín gan-an kò béèrè ohun tó yẹ.

Nígbà tí ìwé mọ́kànlá bá jókòó pọ̀

Ẹ jẹ́ ká ní ilé búrẹ́dì yìí ní ìwé ìjàǹbá 11 láàárín ọdún méjì. Nínú 8, okùnfà tí wọ́n kọ ni àìkíyèsára. A tún gbogbo rẹ̀ kà, a bi ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, àwọn 11 náà sì pín sọ́nà mẹ́ta. Mẹ́rin jẹ́ ti iná tó dé lójijì bá ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ: mẹ́ta nídìí Mílíǹgì 2, ẹyọ kan nídìí míkísà. Márùn-ún ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ti ìyẹ̀fun wọ àárín rólà, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú ìbòjú irin rẹ̀ kúrò. Méjì tó kù jẹ́ iná ààrò tó jó wọn lápá.

Wàyí o, ọ̀nà ti là. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ àti márùn-ún tó tẹ̀ lé e jọra lójú, torí ìka ni gbogbo wọn kàn, rólà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ oògùn wọn yàtọ̀. Ìbòjú irin kò ní gba ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ là, nítorí kò sí bí wọn ó ṣe fọ rólà láìtú ìbòjú. Bọ́tìnì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dìde fúnra rẹ̀ kò sì ní gba ẹni tó ń ti ìyẹ̀fun lọ́sàn-án gangan là.

Ẹ wá wo òpó àtúnṣe. Nínú 9, «a ti kìlọ̀» ni wọ́n kọ. Wọ́n ra ìbọ̀wọ́ fún àwọn ti ààrò. Fún odidi ọdún méjì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ìkìlọ̀ ni àtúnṣe tó rọrùn jù tó sì jẹ́ aláìlágbára jù, torí ó dúró lórí kí ẹni tí oorun ń kùn rántí rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. Nínú àtẹ, ẹ pín àtúnṣe sí mẹ́ta: ohun tí wọ́n ní àwọn yóò ṣe, ẹni tó gbà á ṣe, àti ọjọ́ tí ẹlòmíràn fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó ti di ṣíṣe. Òpó kẹta yìí ló máa ń ṣófo jù.

Ṣé ìjàǹbá ń dínkù ni àbí ó ń pọ̀ sí i?

Ìjàǹbá 5 ló wà ní ọdún kìíní, 6 ní ọdún kejì. Ẹnu á yá láti sọ pé ó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ 30 ló wà ní ọdún kìíní, wọ́n di 48 ní ọdún kejì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe wákàtí 50 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50, wákàtí 75,000 ni ti ọdún kìíní, 120,000 ni ti ọdún kejì. Ẹ fi 200,000 sọ iye ìjàǹbá di púpọ̀, kí ẹ sì fi iye wákàtí pín in. 200,000 yẹn ni wákàtí tí èèyàn 100 ń ṣe lọ́dún, bí wọ́n bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50.

5 × 200,000 ÷ 75,000 = 13.3
6 × 200,000 ÷ 120,000 = 10

Ìjàǹbá dínkù, bí a bá wo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ẹ má jó sí i. Bí ìka kan péré bá tún há lọ́dún kejì, 10 yẹn á di 11.7. Nílé iṣẹ́ kékeré, bí àwọn ìtàn ṣe jọra ṣe pàtàkì ju bí iye wọn ṣe ń lọ sókè sódò.

Iye tó dínkù tún lè jẹ́ iye tí wọ́n fi pamọ́. Bí ọ̀gá bá ṣèlérí ẹ̀bùn fún ṣíìfù tí kò bá ní ìjàǹbá, ìwé á dínkù lọ́gán. Ẹ lọ wo àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí báńdéèjì bá ń tán bó ṣe ń tán tẹ́lẹ̀, tí ìwé ò sì wọlé mọ́, ìfarapa ṣì wà, àwọn èèyàn ló ti pa ẹnu mọ́.

Ohun tí àtẹ yìí ní kí wọ́n ṣe

Fún àwọn mẹ́rin ti iná, kí oníná fi kọ́ńtátọ̀ sí Mílíǹgì 2 àti míkísà, pẹ̀lú bọ́tìnì ìtanná tí kì í dúró ní títẹ̀. Bí iná bá lọ, kọ́ńtátọ̀ á já, kò sì ní so mọ́ títí ẹnì kan yóò fi tún tẹ bọ́tìnì. Èyí kò ní kí ẹni tó fẹ́ fọ ẹ̀rọ má yọ púlọ́ọ̀gì kúrò kó tó fọwọ́ kàn án. Kó yọ ọ́, kó sì fi í sí ibi tí ojú rẹ̀ tó o.

Ẹ ṣọ́ra fún iṣẹ́ àbọ̀. Bí oníná bá gba iná kọ́ńtátọ̀ láti ara swíìṣì lásán tó máa ń dúró ní títàn, kọ́ńtátọ̀ náà á tún so fúnra rẹ̀ bí iná bá dé, ewu àná á sì wà níbẹ̀, owó nìkan ló lọ. Kí wọ́n dán an wò lójú ẹni tó ni fáìlì. Wọ́n á tan Mílíǹgì 2 láìsí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀, gbogbo èèyàn á sún sẹ́yìn, wọ́n á já iná láti ibi mítà, wọ́n á kà dé ogún, wọ́n á sì dá iná padà. Rólà kò gbọ́dọ̀ mira. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ kọ ọjọ́ òní sí òpó kẹta, kí ẹni tó wò ó sì fọwọ́ sí i.