Ìrísí Ọwọ́ àti Ìkéde Dáyámọ́ǹdì Kan nínú Eré Bíríìjì

Nínú bíríìjì, káàdì mẹ́tàlá ni ó máa ń kan òṣèré kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìrísí 4-3-3-3, tí ó dọ́gba jù, ni ó wọ́pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìdá 10.54 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni, nígbà tí 4-4-3-2 jẹ́ 21.55. Ọ̀nà méjìlá ni 4-4-3-2 lè gbà wáyé láàárín ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́rin péré ni ti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlànà tí ó béèrè káàdì márùn-ún kí a tó fi sípéèdì tàbí háàtì ṣí ìkéde. Bí dáyámọ́ǹdì àti kílọ́ọ̀bù bá jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, kílọ́ọ̀bù ni a ń pè. Nítorí náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó lè mú wa pe dáyámọ́ǹdì kan pẹ̀lú káàdì mẹ́ta: sípéèdì mẹ́rin, háàtì mẹ́rin, dáyámọ́ǹdì mẹ́ta, kílọ́ọ̀bù méjì. Bí a bá pín 21.55 sí ọ̀nà méjìlá, a ó rí 1.80, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí ọwọ́ 56. Ẹnìkejì wa lè gbà pé mẹ́rin wà lọ́wọ́ wa, kí ó sì fi mẹ́rin tirẹ̀ tì wá lẹ́yìn. Ìkéde kílọ́ọ̀bù kan kò fún un ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀.