Ìṣẹ́jú Méjì Níwájú Olùdánwò: Bí A Ṣe Ń Fi Fóònù Múra fún Ìdánwò Sísọ Gẹ̀ẹ́sì

Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ gba ọ̀nà IELTS lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gba máàkì 7 nínú 9 ní apá ọ̀rọ̀ sísọ. Bẹ́ẹ̀ ni NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ níbẹ̀, ṣe là á sílẹ̀. Láti kékeré ni a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé nílé-ìwé wa, òun náà ni a fi ń kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn lójoojúmọ́. Síbẹ̀, a máa ń rí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tó wá gba 6 tàbí 6.5. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló wọ́n irú wọn. Ohun tí wọn ò tíì ṣe rí ni kí èèyàn dá nìkan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ má dáhùn rárá. Nínú ìtàkúrọ̀sọ, ẹnìkejì á máa sọ pé "ẹ̀n-ẹ́n", á béèrè pé "kí ló wá ṣẹlẹ̀?", ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Nínú ìdánwò yìí, kò sí ẹni tí yóò bá ọ gbé e.

Ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni gbogbo ìdánwò náà, ojúkojú ni pẹ̀lú olùdánwò kan, wọ́n sì ń gba ohùn yín sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apá mẹ́ta ni. Ìbéèrè kéékèèké nípa ilé, iṣẹ́ àti ohun tí ẹ fẹ́ràn ló wà nínú àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, olùdánwò á fún yín ní káàdì kan, bébà àti pẹ́ńsù, á fún yín ní ìṣẹ́jú kan kí ẹ ronú, lẹ́yìn náà ẹ ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìkẹta jẹ́ ìjíròrò tó jinlẹ̀ lórí ohun tó wà nínú káàdì náà. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà fún yín ní máàkì, ìwọ̀n kan náà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì so pọ̀, bí ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ ṣe pọ̀ tó bá ibi tí ẹ ti lò ó mu, gírámà, àti bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Apá kejì ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, nítorí pé òun ni èèyàn lè fi fóònù àti bébà nìkan kọ́ nílé.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn tó kọ káàdì tirẹ̀ báyìí: ṣàpèjúwe ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ kan, sọ ẹni tó jẹ́, ohun tó kọ́ ọ, bó ṣe kọ́ ọ, kí o sì ṣàlàyé ìdí tí o fi ń rántí rẹ̀. Àǹtí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó kọ́ ọ ní aṣọ àdìrẹ, ló wá sí i lọ́kàn. Ó fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú kan, ó tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ó gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kó má baà máa wo bí àáyá ṣe ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn bí àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó wo bébà rẹ̀, ìdí hàn gbangba. Gbólóhùn odidi méjì ló fi ìṣẹ́jú kan kọ, ó kà wọ́n jáde, ohun tó kù kò sí. Ohun tó yẹ kó kọ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà sí mẹ́jọ, tó dúró fún nǹkan tí ojú lè rí: ọjà Ìtòkú, ẹ̀lú, ìkòkò, ìràfíà tí wọ́n fi ń di aṣọ, ọwọ́ tó di aró, aṣọ àkọ́kọ́ tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ bíi "ọwọ́ tó di aró" nìkan á mú gbólóhùn mẹ́ta wá láìwá a. Ohun kejì tó rí ni pé orí ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹni tí àǹtí náà jẹ́, ló lo àsìkò rẹ̀ lé, tó sì fi gbólóhùn kan pa ìbéèrè ìkẹyìn tì. Ìbéèrè tó ní kí a ṣàlàyé ìdí sábà máa ń gbẹ̀yìn nínú káàdì, òun ni èèyàn lè sọ jù lórí rẹ̀, òun ló sì ń fi bí a ṣe lè ronú ní Gẹ̀ẹ́sì hàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá iṣẹ́ yìí dúró rèé. Wọ́n á gba ohùn sílẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó dáa díẹ̀ tàbí kò dáa, wọ́n á mú káàdì mìíràn. Ogún káàdì á lọ báyìí, àṣìṣe tó wà nínú èkíní ni yóò sì wà nínú ìkẹyìn. Etí máa ń tún ọ̀rọ̀ ẹni ṣe fún ẹni; ohun tí a ní lọ́kàn ló ń gbọ́. Èmi gbà pé gbígba ohùn sílẹ̀ láìkọ ọ́ sórí bébà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àìgbà á rárá. Ẹ jókòó, ẹ máa dá ohùn náà dúró, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu yín bó ṣe jáde gẹ́lẹ́: àṣìṣe, àtúnsọ, "ẹ̀ẹ̀ẹ̀m", gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìlà fa ibi tí ẹ ti dákẹ́ pẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ohùn lè gba ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó kọ ọ́ tán, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, torí pé inú ìkọ̀wé yẹn ni ẹ̀kọ́ wà.

Nọ́ọ̀sì wa kọ tirẹ̀ tán, ó sì rí nǹkan méjì tí ọmọ Yorùbá tó bá kọ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sábà máa ń rí. Àkọ́kọ́ ni àsìkò. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pa ojú dà: "mo lọ" lónìí, "mo lọ" lọ́dún tó kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ń pa tirẹ̀ dà. Ó fi àsìkò tó ti kọjá bẹ̀rẹ̀ ìtàn àǹtí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìtàn náà ṣe ń dùn mọ́ ọn, ó bọ́ sí ti ìsinsìnyí, kò sì mọ̀. Ìkejì ni pé "ó" kan ṣoṣo ni a ní fún ọkùnrin àti obìnrin. Lẹ́ẹ̀mejì ló sọ àǹtí rẹ̀ di ọkùnrin. Ó mọ òfin méjèèjì, bí ẹ bá gbé e fún un lórí bébà kò ní ṣì í. Ẹnu rẹ̀ ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti tún gbogbo àṣìṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Kó mú ọ̀kan, àsìkò tó ti kọjá, kó fi bírò pupa tún gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìwé náà ṣe, kó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan, kó pa ìwé náà dé, kó sì sọ ìtàn kan náà padà láti inú ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ yẹn. Ọ̀nà kan wà fún àtúnsọ yìí tí Paul Nation, onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè ní Yunifásítì Victoria ní Wellington, ní ilẹ̀ Niu Sílándì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1989. Èèyàn á sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ẹni àkọ́kọ́, mẹ́ta fún ìkejì, méjì fún ìkẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí pé à ń wá ohun tí a máa sọ mọ́, ọpọlọ á ráyè fún bí a ṣe ń sọ ọ́, ìdákẹ́jẹ́ gígùn á sì dín kù. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n tẹnu mọ́ títún àṣìṣe ṣe kí àtúnsọ tó bẹ̀rẹ̀. Bí àṣìṣe bá ṣì wà níbẹ̀, àtúnsọ á kàn mú un yára lẹ́nu ni.

Lọ́jọ́ kejì, káàdì mìíràn ló kàn, kì í ṣe ti àǹtí mọ́, kó lè mọ̀ bóyá àtúnṣe náà bá a dé ibòmíràn. Ẹni tó bá dúró lórí káàdì kan títí ti ń há a sórí nìyẹn. Ìwé ìdáhùn àkọ́sórí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń múra ìdánwò yìí ń ba nǹkan jẹ́ fún wọn. Ohùn ẹni tó ń ka àkọ́sórí yàtọ̀, ọ̀rọ̀ á máa tẹ̀lé ara wọn láìsí ìrònú láàárín wọn, a sì ti kọ́ àwọn olùdánwò láti dá a mọ̀. Nígbà tí ó bá kan ìbéèrè apá kẹta tí kò sí nínú ìwé náà, Gẹ̀ẹ́sì ẹni náà á wá já lulẹ̀ lójijì.

Ohun kan wà tí etí yín nìkan kò lè gbọ́, ìyẹn ni bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Yorùbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìdánwò yìí, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti yéni láìnira. Ṣùgbọ́n àwọn ìró kan wà ní Gẹ̀ẹ́sì tí a ò ní, a sì máa ń fi èyí tó sún mọ́ wọn dípò. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ̀ ojú omi àti àgùntàn máa ń di ọ̀kan lẹ́nu wa, ẹẹ́ta a máa dún bí igi, ẹ̀bùn ìdíje a máa dún bí iye owó ọjà. Ẹ kọ irú orúkọ méjì bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn láìtẹ̀lé ètò, ẹ kà wọ́n sínú fóònù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí ẹnìkan kó kọ èyí tó gbọ́. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá ló dára jù, nítorí pé etí ọmọ Yorùbá ti mọ ìró wa, á yé e láìka àṣìṣe sí. Bí ó bá kọ bíi ìdajì wọn péré bó ṣe wà níwájú yín, àfọwọ́fà lásán ló ń ṣe. Kò rí ìyàtọ̀ kankan gbọ́ láàárín wọn.

Apá kẹta náà kò ṣeé dá kọ́. Olùdánwò á máa béèrè ìdí, á ní kí ẹ fi ayé àtijọ́ wé ti òde òní, á sì gba ibi tí ìdáhùn yín ti rọ̀ wọlé. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tí kò ní máa kí yín kú iṣẹ́, kó béèrè "kí nìdí?" lẹ́ẹ̀mẹta lórí gbogbo ìdáhùn, kí ẹ sì gba ohùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ìdánwò yín bá ku oṣù kan, káàdì mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, bí ẹ bá kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ tí ẹ sì tún un sọ. Ẹ má pa ohùn àkọ́kọ́ rẹ́. Bí olùdánwò bá dá yín dúró ní ìṣẹ́jú méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu yín, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà: àsìkò ló tó, kò sì mú máàkì kankan kúrò.