Fọ́tò Bàìbàì àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ Abẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ abẹ́ fọ́tò ni gbólóhùn kúkúrú tí ènìyàn ń kọ sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀ tí kò yà dáadáa, tó fi ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín kí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò náà lè rí bàìbàì, ó lè gé orí ẹni tó wà nínú rẹ̀, ìka ẹni tó yà á sì lè bo ìdajì rẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹni tó ni ín pa á rẹ́: ẹ̀rín tó ti inú wá, ijó tó gbóná, tàbí bí ìyá àti ọmọ ṣe dì mọ́ra wọn. Lórí sítétọ́ọ̀sì Wáásáàpù ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti wọ́pọ̀ lóde òní, pàápàá ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí fọ́tò òde ọjọ́ Sátidé bá ń jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣòroó kọ fún ẹni tó bá mọ ohun tó ba fọ́tò rẹ̀ jẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á kàn kọ ọ́ pé fọ́tò náà kò dára, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wò ó ti rí ìyẹn kó tó kà á. Oríṣiríṣi ni àléébù fọ́tò, èyí tó bá sì ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ bá lọ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àléébù ìrìn. Ìmọ́lẹ̀ ni kámẹ́rà fóònù fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán gangan, ó lè gba ìmọ́lẹ̀ tó tó láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Lálẹ́, nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ó ní láti pẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Àkókò yẹn kéré létí, ṣùgbọ́n ó pọ̀ fún ẹni tó ń jó. Ọwọ́ tó ń yára fì, tó lè rin mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á ti rin sẹ̀ǹtímítà 10 kí kámẹ́rà tó parí iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ibi tí ọwọ́ náà sì gbà kọjá ni fọ́tò á gbà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ oníjó fi máa ń dà bí èéfín nígbà tí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ kedere. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò ló gbọ̀n, ògiri náà kò ní í mọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò ló máa fà lọ sí apá kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi, ògiri ni kó wò.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ oníjó ló rìn, ó lè kọ ọ́ pé: “Mo fẹ́ dúró fún fọ́tò, ìlù ni kò gbà.” Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ẹni tó bá sì wo fọ́tò náà á rí i pé ara rẹ̀ kò dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wà lábẹ́ fọ́tò ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga, tó jẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ló gbọ̀n, kò ní í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, torí pé ojú kò rí ohun tí ẹnu ń sọ.

Nígbà mìíràn, kò sí ẹni tó rìn, kámẹ́rà ló tẹjú mọ́ ohun mìíràn. Ojú ènìyàn á ṣú, ṣùgbọ́n wọ́n á lè ka orúkọ ara ìgò mínírà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀. Níbẹ̀, ohun tó mọ́ kedere yẹn gan-an ni ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ dì mú: “Mínírà ló ń ṣe ọjọ́ ìbí, èmi bá a wá ni.” Ti ìka tó bo kámẹ́rà náà rọrùn: “Èmi ni mo wà lápá òsì, ìka ẹ̀gbọ́n mi ló wà lápá ọ̀tún.” Bí gbogbo iná inú fọ́tò bá ní kùrukùru yíká, ọ̀rá ìka tàbí ti oúnjẹ ló wà lójú kámẹ́rà, aṣọ rírọ̀ ni wọ́n fi ń nù ún kí wọ́n tó ya òmíràn.

Kì í ṣe gbogbo fọ́tò tó bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lè gbà là. Ní 1966, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Elliot Aronson, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde tó lànà ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ téèpù ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè. Nínú téèpù kan, ẹni náà gba èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìbéèrè náà. Nínú òmíràn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbà. Ní ìparí àwọn téèpù kan, wọ́n gbọ́ tí ó da kọfí sára aṣọ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn ọlọ́pọlọ tó da kọfí sára ju ọlọ́pọlọ tí kò da nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ ẹni tí kò mọ púpọ̀ ló da kọfí, ṣe ni ìfẹ́ wọn sí i tún dín kù. Àṣìṣe ń dùn lára ẹni tí ohun rere kan ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni fọ́tò. Ọ̀nà àtimọ̀ ni pé kí ènìyàn fi ọwọ́ bo ibi tó bàjẹ́, kó wo ohun tó kù. Bí ohun tó kù bá ṣì ń mú ni rẹ́rìn-ín, fọ́tò náà yẹ fún ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí ohun tó kù, kí wọ́n pa á rẹ́.

Ká sọ pé obìnrin kan lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ọmọkùnrin kan nínú ẹbí sì fi fóònù yà á níbi tó ti ń jó níwájú onígángan. Òkè fọ́tò gé gèlè rẹ̀ dànù láti àárín. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń náwó ti di bàìbàì. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ díẹ̀, ó dijú, ó la ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn dénú. Fọ́tò yìí kọjá ìdánwò ọwọ́ bíbò. Kí ni kó kọ sábẹ́ rẹ̀?

Bí ó bá kọ “Ẹ má bínú, fọ́tò yìí ò dára o,” ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀, kò ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú, wọ́n á ní ó dára, wọ́n á sì gbàgbé ijó. Bí ó bá kọ “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí,” ó ti gbé ẹ̀fẹ̀ náà lé ọmọ ẹlòmíràn lórí, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ náà kò tún ní í ya fọ́tò fún un mọ́. “Ẹwà mi ju agbára fóònù lọ” ń fọ́nnu lábẹ́ àwàdà, àwọn èèyàn sì máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tó lè kọ ni: “Owó gèlè pé, gèlè ò pé.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni. Ó tọ́ka sí ibi tó bàjẹ́ gan-an, èyí tí gbogbo ojú ti rí. Owó tí òun fúnra rẹ̀ ná ló fi ń ṣẹ̀fẹ̀, kò kan ẹlòmíràn. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà dọ́gba pẹ̀lú ìdajì kejì, ó sì rọrùn láti tún sọ. Pàtàkì jù lọ, kò mẹ́nu kan ẹ̀rín ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo fọ́tò ni yóò fúnra rẹ̀ rí ìyẹn, á sì dùn mọ́ ọn pé òun ló rí i. Bí ó bá tún fi ẹ̀fẹ̀ nípa ọwọ́ bàìbàì kún un, ti àkọ́kọ́ á di aláìlágbára. Àléébù kan ló tó fún fọ́tò kan. Gbólóhùn gígùn pàápàá kò wúlò: Instagram máa ń gé ọ̀rọ̀ tó bá gùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn títí ẹni tó ń kà á yóò fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó lo irú ẹ̀fẹ̀ yìí jù lójú ayé lè jẹ́ Robert Capa, ayàwòrán ogun tí wọ́n bí ní Hungary. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1944, ó bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé, lábẹ́ ìbọn àwọn ará Jámánì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni fọ́tò tó kù nínú èyí tó yà níbẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni ti ọmọ ogun kan tó wà nínú omi, tí ojú rẹ̀ ṣú, tí omi àti ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ sì dàpọ̀. Ìwé ìròyìn Life tẹ àwọn fọ́tò náà jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà, wọ́n sì kọ ọ́ pé ìgbóná àkókò náà ló mú kí Capa mi kámẹ́rà rẹ̀. Nígbà tí Capa kọ ìwé nípa ìrírí rẹ̀ lójú ogun ní 1947, gbólóhùn tó fi ṣe àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí pé àwòrán náà ṣe bàìbàì díẹ̀. Nínú àkọlé yẹn, kò bẹ̀bẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ara rẹ̀ nìkan ló sì fi ṣẹ̀fẹ̀: kò fi ọ̀rọ̀ kan kan àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú sínú omi níwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ààlà wà. Fọ́tò ló gbọ́dọ̀ ni àléébù tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ara ènìyàn. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ rẹ̀, ìsanra rẹ̀ tàbí eyín rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé ń fi àwọn tó ń wò ó sínú ìṣòro: bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó dà bíi pé wọ́n bú u, bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á kú. Kò sì yẹ kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mi fóònù láti rí fọ́tò bàìbàì yà. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ní ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá bo àléébù rẹ̀.

Bí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá sì wà nínú fọ́tò, ẹni tó fẹ́ gbé e síta kò láṣẹ láti fi ẹnì kejì ṣẹ̀fẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ àgbà. Kó kọ́kọ́ fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn, kó sì dúró de èsì wọn. Bí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́, kó gé ẹni náà kúrò, tàbí kó má gbé e síta rárá.