Ohun Tí Tábìlì Bá Sọ Ni Kí Ẹ Kọ

Nínú títíréṣọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ á da HCl sínú búréètì, á fi pípẹ́ẹ̀tì wọn 25.0 cm³ NaOH sínú fúláàsì, á sì máa ro ásíìdì náà sí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Ìròyìn tó bá kọ lẹ́yìn náà ló sábà máa ń jẹ ẹ́ ní máàkì. Ẹ wo tábìlì yìí:

| HCl (cm³) | Ìdánwò | Kìíní | Kejì |
|---|---|---|---|
| Ìparí | 24.60 | 24.10 | 24.20 |
| Ìbẹ̀rẹ̀ | 0.00 | 0.00 | 0.00 |
| Iye tí a lò | 24.60 | 24.10 | 24.20 |

0.00 la kọ, kì í ṣe 0, nítorí búréètì ṣeé kà dé ibẹ̀. A kì í ka ti ìdánwò mọ́ ìṣirò, torí ìkánjú la fi ṣe é. Kìíní àti kejì sún mọ́ra, àárín wọn sì jẹ́ 24.15.

Bí HCl bá jẹ́ 0.100 mol/dm³, NaOH yóò jẹ́ 0.100 × 24.15 ÷ 25.0, ìyẹn 0.0966 mol/dm³.

Ibí ni wàhálà wà. Wọ́n kọ 0.100 sára ìgò NaOH, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi ìyẹn parí ìròyìn wọn. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ 0.0966, kí ẹ sọ pé ó dín sí ti ìgò, kí ẹ sì wá ìdí tó ṣeé ṣe: NaOH máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ohun tí wọ́n wọ̀n lórí òṣùwọ̀n lè má jẹ́ NaOH nìkan. Ẹ má ṣe yí 24.15 padà sí 25.00 láé.