Wíwẹ ajá nílé oníbàárà: òwò tí kò nílò ilẹ̀, ṣùgbọ́n tó nílò ọgbọ́n

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Anthony tí ẹ fẹ́ràn ẹranko, yàrá kan tàbí fúláàtì lẹ̀ ń gbé, níbi tí lánlọ́ọ̀dù kò ti ní gbà kí ẹ sin adìẹ méjì, ká má tíì sọ ajá. Bí ẹ bá sì ní kí ẹ wá òwò tó jẹ mọ́ ẹran ọ̀sìn, ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ ni ọgbà adìẹ tàbí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìẹ. Èkíní ń fẹ́ ilẹ̀, èkejì ń fẹ́ owó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan wà tí kò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì: kí ẹ kó irinṣẹ́ sínú báàgì, kí ẹ máa lọ wẹ ajá fún àwọn tó ní in, nínú ilé wọn.

Oníbàárà kò jìnnà. Ní Mẹ́ńdè, Ògùdù àti Magodo, ẹ ó máa gbọ́ gbígbó ajá lẹ́yìn géètì. Rọ́tíwálà wà níbẹ̀, Bóbóẹ̀lì wà níbẹ̀, Lásà kékeré onírun gígùn wà níbẹ̀, ajá ìbílẹ̀ wa tí gbogbo Èkó ń pè ní Bíńgò náà ò gbẹ́yìn. Àwọn tó ni wọ́n ń jáde láàárọ̀ kùtù, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkòròdú Road kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tètè délé. Ta ló fẹ́ wẹ ajá lágogo mẹ́sàn-án alẹ́?

Kì í ṣe ìdọ̀tí ara ajá ló ń ba òwò yìí jẹ́ o. Ẹni tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn lè fi bàtà, báíkẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àìsàn láti ara ajá kan lọ sára òmíràn. Bí ajá oníbàárà kan bá kú lọ́sẹ̀ tí ẹ wẹ̀ ẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa kí ẹ tó gba owó ẹnikẹ́ni: páfò, eégbọn àti dìgbòlugi.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè káàdì

Páfò ni àìsàn tó ń pa ọmọ ajá jù lójijì. Ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń mú. Ajá náà á kọ oúnjẹ, á máa bì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ olómi tó ní ẹ̀jẹ̀, tí òórùn rẹ̀ burú jáì. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó lè kú. Kòkòrò tó ń fà á kò ṣeé fojú rí, ó sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò olóòórùn dídùn tí a ń fi nu ilé kò sì lè pa á.

Bílíìṣì ló ń pa á, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Jíkì. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sí i, ẹ bu ife kan sínú ogún ife omi. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò lára báíkẹ́ẹ̀tì àti bàtà, torí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi bílíìṣì náà rẹ ẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á dà á sí i, wọ́n á ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Iyẹn ò pa nǹkan kan.

Ọ̀nà tó tún dín ewu kù jù ni pé kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ra búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ìnura ti ajá tirẹ̀, kí ó máa wà nílé rẹ̀. Owó yín kò ní lọ sí i, àìsàn kò sì ní rí ohun wọ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ìlẹ̀kùn iṣẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà páfò máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí ajá náà á fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ti dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù mẹ́ta. Dókítà ẹranko á sọ ìgbà tí wọ́n á tún un ṣe, ọdọọdún sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ẹ ka déètì tó wà lórí káàdì fúnra yín. Bí oníbàárà bá ní, "Ṣé ẹ lè bá mi gún un lábẹ́rẹ́?", ẹ sọ fún un pé rárá. Iṣẹ́ dókítà ẹranko tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Àwọn Dókítà Ẹranko ti Nàìjíríà nìyẹn.

Eégbọn kò gbé ara ajá nìkan

Eégbọn ló máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oníbàárà pè yín. Ẹ wá a nínú etí, láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, lábíyá àti lábẹ́ okùn ọrùn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó súnmọ́ awọ ara jù, kí ẹ fà á jáde tààrà láì yí i, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú ike oní-sípíríìtì. Ẹ má fi èékánná fọ́ ọ, ẹ má sì da kẹrosíìnì lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń gbé e ni pé wọ́n á yọ gbogbo eégbọn, ajá á mọ́ tónítóní, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì oníbàárà á pè pé, "Ẹ̀yin náà, kí lẹ ṣe gan-an?" Abo eégbọn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó máa ń jábọ́ lára ajá, á wọnú ihò ògiri tàbí abẹ́ pákó ilé ajá, á sì yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ilé ajá gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú ajá, ẹ ó sì padà wá. Bí ẹ bá rí i pé èrìgì ajá ti funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí, eégbọn ti kó àìsàn sí i lẹ́jẹ̀ nìyẹn. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, dókítà ló kàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ ká là mọ́lẹ̀. Ọ̀tapíàpíà kì í ṣe oògùn ajá. Díkílọ́fọ́ọ̀sì tó máa ń wà nínú rẹ̀ ni NAFDAC tìtorí ẹ̀ fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́dún 2019. Bí wọ́n bá fi pa ajá lára, awọ ara á fà á mu, ajá náà á sì tún lá a. Itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹyinjú rẹ̀ á sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ kúrò, kí ẹ sáré gbé e lọ bá dókítà. Bákan náà, oògùn eégbọn tó ní pámẹ́tírìnì tí wọ́n ṣe fún ajá lè pa olóńgbò. Ẹ béèrè bóyá olóńgbò wà nílé.

Bí ajá bá gé yín jẹ

Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí ajá ò lè gé jẹ, torí náà ìdè ẹnu gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì yín. Dìgbòlugi kò ní ìwòsàn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ tí àmì rẹ̀ bá ti jáde lára èèyàn. Ajá tó ní in lè yí ìwà padà lójijì, kó máa gé ohun tó bá rí jẹ, tàbí kí àgbọ̀n rẹ̀ já sílẹ̀, kí itọ́ máa dà, kó má lè gbé omi mì. Ẹ má fọwọ́ kan irú ajá bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí ajá bá gé yín jẹ, tàbí tó lá ojú ọgbẹ́ yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, káàdì ajá náà ì báà pé. Wọ́n á máa ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ lè gba abẹ́rẹ́ ìdènà ti èèyàn. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2018 ni ẹ̀ẹ̀mejì, kí ọjọ́ méje wà láàárín wọn. Ẹni tó ti gbà á náà gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwòsàn bí ajá bá gé e jẹ.

Ọjọ́ Sátidé kan

Ká fi obìnrin kan tó ń gbé ní Anthony ṣe àpẹẹrẹ. Ajá mẹ́rin ló ní lọ́jọ́ Sátidé: ọmọ Lásà kan nítòsí ilé rẹ̀ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, Rọ́tíwálà méjì ní Mẹ́ńdè tí káàdì wọn pé, àti Alsésíánì kan ní Ògùdù tí eégbọn kún ara rẹ̀. Ọmọ Lásà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀, torí òun ni ara rẹ̀ kò tíì gbó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rọ́tíwálà méjèèjì. Eléégbọn ló kẹ́yìn, ilé ló sì ń lọ tààrà láti ibẹ̀. Bó bá yí ètò yìí padà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé eégbọn lọ bá Lásà yẹn.

Aago méje àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, kó lè parí kí oòrùn tó mú, torí ajá kì í làágùn bíi tiwa, ooru sì lè pa á, pàápàá èyí tí imú rẹ̀ kúrú. Ó ya irun kí omi tó kàn án, torí irun tó ti lọ́ pọ̀ máa ń le sí i bó bá tutù. Ó fi òwú dí etí. Ọṣẹ ajá ló lò, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ.

Ká ní ó gba ₦5,000 lórí Lásà, ₦8,000 lórí Rọ́tíwálà kọ̀ọ̀kan, àti ₦10,000 lórí eléégbọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦31,000. Ká yọ ₦3,000 owó kẹ̀kẹ́ àti dánfó, torí láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de ọ̀kadà ní Kosofe. Ká yọ ₦4,500 fún ọṣẹ, bílíìṣì, ìbọ̀wọ́ àti òwú. Ó ku ₦23,500. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí o, ẹ lọ bi ọjà wò fúnra yín.

Bó bá dé Mẹ́ńdè, tí wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ajá náà ti ń bì láti àná ńkọ́? Kò ní wọlé. Á ní kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà, á sì gba owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́ ṣáájú. ₦16,000 ló pàdánù lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé, tó wá gbé páfò dé ilé oníbàárà mìíràn lọ́jọ́ kejì, òwò náà gan-an ló máa pàdánù.